Iná ọ́ìlì pupa tó ń tàn ní sílò

“Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá mẹkáníìkì. Tíṣà ni mí l'Adó, Corolla 2005 ni mo ń wà. Iná pupa kan tó dà bí kẹ́tù ń tàn bí mo bá dúró nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní Fájuyì, bí mo bá ti tẹ tọ́tù á kú. Láàárọ̀ kì í tàn. Rewáyà àdúgbò wa ní súwíìṣì ọ́ìlì ló bàjẹ́, pé òun á fa wáyà rẹ̀ yọ fún mi. Fọ́tò mẹ́ta ni mo fi ránṣẹ́ yìí. Ṣé mo lè wà á lọ sí ìnáwó n'Ìkọ̀lé lọ́jọ́ Sátidé?”

Ẹ kú ìmúra ìnáwó, ma. Ẹ má wà á lọ sí Ìkọ̀lé, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fa wáyà kankan yọ. Ó ṣeé ṣe kí ohun tó ń ṣe mọ́tò yín má ju ọ́ìlì lítà kan lọ. Ó sì ṣeé ṣe kí ẹ́ńjìnì ti máa jẹ ara rẹ̀. Fọ́tò tí ẹ fi ránṣẹ́ kò lè sọ èwo ni nínú méjèèjì, ṣùgbọ́n ó sọ tó fún mi láti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò lè dúró di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí fọ́tò àkọ́kọ́, torí òun ló dẹ́rù bà yín jù, òun sì ni kò ní nǹkan kan nínú. Gbogbo iná ló tàn níbẹ̀: ti ọ́ìlì, ti bátìrì, ti ẹ́ńjìnì, ti búréèkì. Kí ẹ tó ka iná kankan, ẹ kọ́kọ́ wo aago tí wọ́n kọ `x1000r/min` sí lára. Aago yẹn ló ń sọ iye ìgbà tí ẹ́ńjìnì ń yí láàárín ìṣẹ́jú kan. Nínú fọ́tò yìí, ọwọ́ rẹ̀ sùn sórí òdo. Ìyẹn ni pé kọ́kọ́rọ́ ni ẹ yí, ẹ́ńjìnì kò tíì jí. Nírú àsìkò bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí iná ọ́ìlì àti ti bátìrì tàn, torí pọ́ọ̀mpù kò tíì máa ti ọ́ìlì, ohun tó ń pèsè iná kò sì tíì máa yí. Mọ́tò ń dán gílóòbù rẹ̀ wò ni. Kódà, bí ẹ bá ṣí kọ́kọ́rọ́ tí iná ọ́ìlì kò tàn rárá, ìgbà náà ló yẹ kí ẹ kọminú. Mo ti rí tọkunbọ̀ tí wọ́n ti yọ gílóòbù rẹ̀, àti èyí tí wọ́n fi téèpù dúdú bò ó látẹ̀yìn, kí ẹni tó fẹ́ rà á má bàa rí nǹkan kan. Ẹni tó bá ń lọ ra mọ́tò, ohun tí mo máa ń ní kó kọ́kọ́ ṣe nìyẹn: kó ṣí kọ́kọ́rọ́, kó má tíì jí i, kó wá ka àwọn iná pupa.

Fọ́tò kejì ni ọ̀rọ̀ wà. Ọwọ́ aago `x1000r/min` wà nísàlẹ̀ 1 díẹ̀, nǹkan bí 700. Ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́, ó wà ní sílò, ìyẹn ni pé ó ń yí láìjẹ́ pé ẹ tẹ tọ́tù. Ọwọ́ aago ìgbóná wà ní àárín, kò lọ sókè. Iná bátìrì kò tàn. Iná méjì péré ló tàn: ti búréèkì, èyí tó jẹ́ pé ẹ fa búréèkì ọwọ́ ni, àti kẹ́tù pupa tí ọ́ìlì ń kán lẹ́nu rẹ̀. Ẹ ṣeun tí ẹ ya gbogbo ojú dáṣíbọ́ọ̀dù, tí ẹ kò ya kẹ́tù yẹn nìkan. Ká ní òun nìkan ni ẹ yà ni, mi ò bá má mọ̀ bóyá ẹ́ńjìnì jí tàbí kò jí, ìdáhùn mi ì bá sì jẹ́ àbá lásán.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ wá ńkọ́? Lójú fọ́tò yín, kẹ́tù náà fẹ́ jọ àwọ̀ ọsàn. Fóònù ló fà á. Bí dáṣíbọ́ọ̀dù bá ṣókùnkùn tí iná kékeré kan sì ń tàn gan-an, kámẹ́rà a máa gba ìmọ́lẹ̀ kọjá bó ṣe yẹ, pupa á wá di ọsàn, nígbà mìíràn àárín rẹ̀ á funfun. Bẹ́ẹ̀, ìyàtọ̀ àwọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Àwọn mọ́tò kan wà tí wọ́n ní kẹ́tù aláwọ̀ ọsàn lọ́tọ̀, ti pé ọ́ìlì ti dínkù nínú ìkòkò rẹ̀. Ẹ lè fi ìyẹn rọra wa ọkọ̀ dé ibi tí wọ́n ti ń ta ọ́ìlì. Pupa ni ti pírẹ́ṣọ̀, ìyẹn agbára tí pọ́ọ̀mpù fi ń ti ọ́ìlì lọ sí gbogbo kọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnì. Ẹ̀yin fúnra yín ní pupa ni ẹ fi ojú yín rí, ojú yín ni mo gbà gbọ́ ju fóònù lọ. Bí ẹ bá tún fẹ́ yà á, ẹ fi ìka tẹ orí iná náà lójú fóònù kí ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ lè dínkù. Fídíò ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá ló tilẹ̀ dára jù, torí iná tó ń ṣẹ́jú lè kú ní wẹ́rẹ́ tí ẹ tẹ kámẹ́rà, fọ́tò á sì purọ́ pé kò sí nǹkan.

Fọ́tò kẹta, èyí tí ọmọ yín yà nígbà tí ẹ ń sáré lọ, fi ọwọ́ aago hàn láàárín 2 àti 3, kẹ́tù sì ti kú. Ó dà bíi pé ohun tó fi yín lọ́kàn balẹ̀ nìyẹn. Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Ẹ́ńjìnì ló ń yí pọ́ọ̀mpù ọ́ìlì. Bí ẹ́ńjìnì bá yára, pọ́ọ̀mpù á yára, pírẹ́ṣọ̀ á gòkè. Bó bá wà ní sílò, pírẹ́ṣọ̀ á wálẹ̀. Láàárọ̀ tí ọ́ìlì ṣì tutù, ó ki bí ògì, ó ṣòro fún un láti sá gba ojú àlàfo jáde, nítorí náà pírẹ́ṣọ̀ pọ̀. Bí ẹ bá ti wà á títí tó fi gbóná, ọ́ìlì á ṣàn bí omi, á máa jò gba gbogbo àlàfo, pírẹ́ṣọ̀ á já. Ẹ wo ohun tí ẹ sọ: kì í tàn láàárọ̀, ó ń tàn ní Fájuyì nígbà tí ọkọ̀ dúró tí ẹ́ńjìnì ti gbóná, ó ń kú bí ẹ bá tẹ tọ́tù. Bí pírẹ́ṣọ̀ tó ti lọ sílẹ̀ ṣe máa ń hùwà gan-an nìyẹn. Tọ́tù tí ẹ tẹ̀ kò wo nǹkan kan sàn. Ó gbé pírẹ́ṣọ̀ kọjá ibi tí iná ń mọ̀ ọ́n ni.

Ibi tí iná ń mọ̀ ọ́n yẹn kéré púpọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò kékeré, iná kì í tàn àfi bí pírẹ́ṣọ̀ bá já sí nǹkan bíi psi 5. Táyà yín nìkan, psi 30 àti díẹ̀ ni fọganáísà ń fẹ́ sínú rẹ̀. Nítorí náà, ẹ má ka kẹ́tù pupa sí ẹni tó ń kìlọ̀ fúnni ṣáájú. Ẹni tó ń dé lẹ́yìn tí nǹkan ti fẹ́ bàjẹ́ ni. Kò tiẹ̀ mọ iye ọ́ìlì tó wà nínú mọ́tò. Ẹ́ńjìnì 1ZZ-FE tó wà nínú irú Corolla yín ń gba lítà 3.7 bí a bá pààrọ̀ fítà pọ̀ mọ́ ọ́ìlì. Lítà kan lè lọ nínú rẹ̀ kí iná má sọ nǹkan kan. Ẹ́ńjìnì yìí náà, pàápàá àwọn tó jáde ṣáájú 2005, ni àwọn mẹkáníìkì mọ̀ sí ẹni tó ń mu ọ́ìlì, torí ihò tí ọ́ìlì ń gbà padà lára písítìnì wọn kéré, ó sì máa ń dí.

Mo rí ohun tí iná yìí lè ṣe nígbà tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́. Awakọ̀ kan gbé bọ́ọ̀sì wá bá ọ̀gá mi, ó kó iṣu kún un láti apá Ọ̀yẹ́. Ó ní iná kẹ́tù bẹ̀rẹ̀ sí í tàn lọ́nà, ṣùgbọ́n òun rí i pé bí òun bá ń sáré kì í tàn, nítorí náà òun kò dúró mọ́, òun ń tẹ tọ́tù kódà níbi tí àwọn èèyàn ti ń dá òun dúró. Nígbà tó fi máa dé Ìfàkì, ó ti ń gbọ́ kọ́-kọ́-kọ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọ̀gá mi ní kí n tú ọ́ìlì sínú abọ́ ike funfun, kí n gbé e sínú oòrùn. Ohun tó kù kò kún abọ́ náà dé ìdajì. Bí mo ṣe ń mi abọ́ náà, mo rí i tó ń dán wínníwínní nísàlẹ̀, bí ìyẹ̀fun fàdákà, àwọn kan sì pọ́n bíi bàbà. Mẹ́tà káránkì, ìyẹn irin pẹlẹbẹ tí ọ̀pá tó ń yí nínú ẹ́ńjìnì jókòó lé, ló ti yọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ́ńjìnì ti nọ́ọ̀kì. Ọ́ìlì lítà méjì ló ń wá lójú ọ̀nà. Ẹ́ńjìnì tọkunbọ̀ ló rà.

Wàyí o, rewáyà yín. Kì í ṣe òpùrọ́. Súwíìṣì ọ́ìlì a máa bàjẹ́ lóòótọ́, ọ̀pọ̀ ìgbà ló sì jẹ́ pé òun nìkan ló ní ẹ̀ṣẹ̀ lọ́rùn. Wáyà kan ṣoṣo ló dé orí rẹ̀. Bí pírẹ́ṣọ̀ bá já, súwíìṣì á so wáyà náà mọ́ ara irin ẹ́ńjìnì, iná á tàn. Ṣùgbọ́n súwíìṣì tó ti kú kì í sábà mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́ tàbí pé ọkọ̀ ti gbóná. Yálà kó tàn títí láìka eré sí, tàbí kó má tàn mọ́. Èyí tó ń tẹ̀lé ìgbóná àti eré ẹ́ńjìnì bíi tiyín, mi ò lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé súwíìṣì ni. Bí ó bá sì fa wáyà yẹn yọ, iná á kú, bóyá pírẹ́ṣọ̀ wà tàbí kò sí. Fífa wáyà yọ wúlò fún nǹkan kan péré: bí a bá fà á yọ tí iná ṣì ń tàn, a jẹ́ pé wáyà ló bó tó ń kan irin níbì kan. Bí iná bá kú, a kò tíì mọ nǹkan kan.

Ohun tí ẹ máa ṣe lónìí nìyí, kò sì gba owó. Ẹ gbé mọ́tò sí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kì í ṣe ojú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ iwájú ilé, bó ti wù kó rọrùn tó; mo mọ bí ilẹ̀ Adó ṣe rí. Bó bá jẹ́ pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dúró ni, ẹ pa á, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá kí ọ́ìlì lè sọ̀kalẹ̀. Ẹ fa gééjì ọ́ìlì yọ, ẹ fi àkísà nù ún mọ́, ẹ tì í wọlé délẹ̀, ẹ tún fà á yọ. Àmì méjì ló wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Àárín àwọn àmì méjèèjì ló yẹ kí ọ́ìlì wà, kó sún mọ́ ti òkè. Ẹ fi imú gbọ́ ọ. Bó bá ń rùn bí epo pẹtiróòlù, epo ti ń wọ inú rẹ̀, ó ti sọ ọ́ di omi. Bó bá funfun bíi tíì oníwàrà, omi ti wọ inú ẹ́ńjìnì, ẹ má jí i mọ́ rárá.

Bí ọ́ìlì kò bá dé àmì ìsàlẹ̀, tàbí tí kò kan gééjì rárá, ó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ náà rọrùn. Ẹ ra èyí tí wọ́n kọ `5W-30` sí lára, ẹ da ìdajì lítà sí i, ẹ dúró díẹ̀, ẹ tún wò ó. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ ó ṣe títí yóò fi sún mọ́ àmì òkè. Ẹ má jẹ́ kó kọjá rẹ̀ o. Ọ́ìlì tó bá pọ̀ jù, káránkì á máa pò ó, á hó bí ọṣẹ, pọ́ọ̀mpù á sì máa fa afẹ́fẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ jí ẹ́ńjìnì, ojú yín kò gbọdọ̀ kúrò lára kẹ́tù. Bí kò bá kú láàárín bí ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún, ẹ pa á. Bó bá kú, ẹ jẹ́ kó wà ní sílò títí yóò fi gbóná dáadáa. Bí kò bá tàn mọ́, ẹ lè wà á jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì láàárín ìlú láti wá ibi tí ọ́ìlì gbà lọ. Ẹ wo ilẹ̀ tí mọ́tò sùn lé pẹ̀lú. Bí ọ́ìlì bá kán síbẹ̀, ẹ ti mọ ìdajì ìdáhùn.

Bí ọ́ìlì bá wà níbi tó yẹ kó wà ńkọ́, tí iná ṣì ń tàn? Èyí ni mo ń bẹ̀rù jù, òun náà sì ni àwọn èèyàn ń fojú fò, torí wọ́n á ní ọ́ìlì ṣáà wà níbẹ̀. Ẹ má jí i mọ́. Kí wọ́n fi ọkọ̀ mìíràn fà á dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì tó ní gééjì pírẹ́ṣọ̀. Yóò tú súwíìṣì kúrò lára búlọ́ọ̀kù, yóò de gééjì sójú ihò rẹ̀, ìgbà yẹn nìkan ni yóò wá jí ẹ́ńjìnì títí yóò fi gbóná. Ìwé Toyota fún 1ZZ-FE ní kó má dín sí psi 4.3 ní sílò, kó sì wà láàárín psi 43 sí 78 bí ọwọ́ aago bá dé 3. Bí gééjì bá sọ 15 ní sílò tó sì gun 50 ní orí 3, rewáyà yín ló jàre, ẹ pààrọ̀ súwíìṣì, ẹ máa lọ. Bó bá sọ 3 ní sílò, tó sì ń fà títí dé 25 péré ní orí 3, súwíìṣì tilẹ̀ ni olóòótọ́ jù nínú gbogbo wa.

Kí a tó wá sọ pé mẹ́tà ti jẹ, ohun tó kéré ni kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ọ́ìlì tó ti pẹ́ jù tàbí tó fẹ́lẹ́ jù, àti fítà tí kò dára: a ó pààrọ̀ méjèèjì, a ó tún wọ̀n ọ́n. Bí kò bá yí padà, a ó sọ páànù ọ́ìlì kalẹ̀, a ó wo asẹ́ tí pọ́ọ̀mpù fi ń fa ọ́ìlì. Ẹrẹ̀ dúdú máa ń dì mọ́ ọn nínú mọ́tò tí kì í tètè gba sáfíìsì. Lẹ́yìn ìyẹn ni pọ́ọ̀mpù, lẹ́yìn pọ́ọ̀mpù ni mẹ́tà. Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ látorí mẹ́tà láì wọn nǹkan kan, owó yín ló ń wò.

Bí iná náà bá sì mú yín lójú ọ̀nà kí ẹ tó rí mi, yálà ní Fájuyì tàbí ní òkè Ẹ̀fọ̀n, ẹ yà sí ẹ̀gbẹ́ títì ní kíá, ẹ dúró tán kí ẹ tó yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ má pa á lórí eré: sítíárì á wúwo, búréèkì á le, bí ẹ bá sì fa kọ́kọ́rọ́ yọ, sítíárì lè há. Àwọn ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ àti kọ́nà bíi ti Ẹ̀fọ̀n tún ń jẹ́ ká mọ nǹkan kan. Bí kẹ́tù bá ń ṣẹ́jú níbẹ̀ nìkan, nígbà tí ọkọ̀ bá tẹ̀ tàbí tí ẹ tẹ búréèkì, ó sábà máa ń jẹ́ pé ọ́ìlì ló kéré, tó ń ṣàn kúrò lẹ́nu asẹ́. Tiyín kò ṣe bẹ́ẹ̀, orí ìdúró ló ti ń tàn. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè fi yín lọ́kàn balẹ̀ pé lítà kan ni.

Ẹ tún béèrè nísàlẹ̀ lẹ́tà yín bóyá bátìrì pupa le tó kẹ́tù. Kò le tó o, bó bá dá tàn; ẹ lè fi agbára tó kù nínú bátìrì rìn díẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú Corolla yín, bẹ́líìtì kan náà ló ń yí ohun tó ń pèsè iná àti pọ́ọ̀mpù omi. Bí bátìrì pupa bá tàn tí ọwọ́ aago ìgbóná sì bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, bẹ́líìtì ti já nìyẹn, ẹ dúró.

Sátidé, ẹ wọ ọkọ̀ èrò lọ sí Ìkọ̀lé. Kí ilẹ̀ tó ṣú lónìí, fọ́tò gééjì ọ́ìlì ni mo ń retí: ẹ tẹ́ ẹ sórí tíṣù funfun, ẹ dúró níbi tí oòrùn wà, kí àmì méjèèjì hàn. Ẹ kọ iye kìlómítà tó wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù sí i, àti oṣù tí ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì gbẹ̀yìn.